Bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀nà ìdáhùn sí rísìkì bá ìbéèrè ìdánwò mu

Ìdáhùn sí rísìkì ni ohun tí olùdarí projẹ́ẹ̀tì pinnu pé òun máa ṣe sí nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀, yálà nǹkan ọ̀hún máa ṣe projẹ́ẹ̀tì níjàǹbá (ìyẹn ewu) àbí ó máa ṣe é lóore (ìyẹn àǹfààní). Nínú ìdánwò tí PMI, ìyẹn àjọ àwọn olùdarí projẹ́ẹ̀tì, máa ń ṣe, ọ̀nà márùn-ún ló wà fún ewu: kéèyàn yẹra fún un, kó dín in kù, kó gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kó gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kó gbé e lọ sókè sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Márùn-ún náà ló wà fún àǹfààní: kéèyàn rí i dájú pé ó ṣẹlẹ̀, kó mú kó túbọ̀ ṣeé ṣe, kó pín in pẹ̀lú ẹlòmíì, kó gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kó gbé e lọ sókè. Gbígbé lọ sókè ló dé kẹ́yìn, ìwé ìtọ́sọ́nà PMI ẹ̀dà kẹfà tó jáde lọ́dún 2017 ló fi kún un.

Nínú ìbéèrè ìdánwò, wọn kì í sábà dárúkọ ọ̀nà yẹn, ohun tí olùdarí ṣe nìkan ni wọ́n máa sọ. Ohun méjì ló yẹ kéèyàn wò: lẹ́yìn tó ṣe é tán, báwo ni nǹkan yẹn ṣe ṣì lè ṣẹlẹ̀ tó, ta ló sì máa fara gbá a tó bá ṣẹlẹ̀?

Ká sọ pé projẹ́ẹ̀tì kan ń retí páǹpù látọwọ́ ilé iṣẹ́ tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ rí. Ó ṣeé ṣe, ìdá 30 nínú 100, kí páǹpù pẹ́, tó bá sì pẹ́, 40,000 dọ́là ló máa bá a lọ. Tá a bá sọ iye méjèèjì di púpọ̀, ewu náà tó 12,000 dọ́là. Tí olùdarí bá yí àwòrán iṣẹ́ náà padà kí wọ́n lè lo páǹpù tó ti wà nílẹ̀, kò sí pé à ń retí ẹnikẹ́ni mọ́, ìdá yẹn ti di òdo, ó yẹra fún un nìyẹn. Tó bá san 3,000 dọ́là kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tí ìdá 30 sì wálẹ̀ sí 10, ó dín in kù ni: 4,000 ló kù, 8,000 ti lọ, tá a bá sì yọ 3,000 tó ná, èrè rẹ̀ jẹ́ 5,000. Ìdá 10 tó ṣẹ́ kù yẹn ni wọ́n ń pè ní rísìkì tó ṣẹ́kù, òun ló sì fi hàn pé kì í ṣe yíyẹra.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣubú jù nìyí: tí àdéhùn bá sọ pé ilé iṣẹ́ yẹn ló máa san owó ìtanràn tí páǹpù bá pẹ́, ìdá náà ṣì jẹ́ 30 gééré, owó nìkan ló kúrò lọ́rùn projẹ́ẹ̀tì, torí náà gbígbé lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni, bíi ti insóránsì. Àkókò tó sọnù ò sì ní padà wá.

Tó bá kàn ya 12,000 sọ́tọ̀ dè é, ó gbà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Tó bá kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà rísìkì lásán, ó gbà á láìṣe nǹkan kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ òfin kan tó máa kan gbogbo projẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tí olùdarí ń bá ṣiṣẹ́ ló lè dá páǹpù dúró, ìyẹn kọjá agbára rẹ̀, sókè ló máa gbé e lọ, tí ẹni tọ́rọ̀ kàn lókè bá sì ti gbà á, olùdarí kọ́ ló ń tọpa rẹ̀ mọ́.

Ti àǹfààní ò gba àlàyé púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ méjì para pọ̀ du kọ́ńtíráàtì tí ọ̀kan ò lè dá ṣe, pínpín ni. Àwọn méjì tó jọra gan-an ni rírí i dájú àti mímú kó túbọ̀ ṣeé ṣe. Tí bọ́nọ́ọ̀sì bá wà fún ẹni tó bá tètè parí, tí wọ́n fi òṣìṣẹ́ kún un kí iṣẹ́ lè yá, mímú kó túbọ̀ ṣeé ṣe ni, torí kò dájú pé wọ́n máa rí i. Tí wọ́n bá kó àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ síbẹ̀ kí bọ́nọ́ọ̀sì má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, rírí i dájú ni PMI kà á sí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lẹ́nu iṣẹ́ gan-an èèyàn lè jiyàn sí i.

Kéèyàn tún ṣọ́ àkókò tí wọ́n lò nínú ìbéèrè. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé páǹpù ti pẹ́, tí wọn ò sì múra sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, kì í ṣe rísìkì mọ́, ìṣòro ni, ọgbọ́n ojú ẹsẹ̀ tí olùdarí dá sí i ò sí lára ọ̀nà márààrún yẹn.