Sísọ ṣáàtì sópọ̀ọ̀tù gígùn di àpilẹ̀kọ ìrànwọ́

Sísọ ṣáàtì sópọ̀ọ̀tù di àpilẹ̀kọ ìrànwọ́ ni kéèyàn mú ọ̀rọ̀ gígùn tí kọ́sítọ́mà àti òṣìṣẹ́ jọ tẹ̀ síra wọn, kó tú u palẹ̀, kó wá tún un kọ sí apá mẹ́rin: ìṣòro, ohun tó fà á, ìgbésẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jù wọ́n lọ. Gígé ṣáàtì kúrú kọ́ nìyẹn o. Ṣáàtì máa ń tẹ̀lé bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, ìméfò àti àṣìṣe kún inú ẹ̀, àmọ́ ẹni tí àkáǹtì ẹ̀ tì pa ò wá gbọ́ ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáàtì ìlà 70 kan wò. Kọ́sítọ́mà ní kóòdù tí áàpù ń fún òun láti fi wọ àkáǹtì ò wọlé, "Invalid code" ló ń gbé jáde ṣáá. Òṣìṣẹ́ ní kó yí páásíwọ̀ọ̀dù padà, ó yí i, pàbó. Ó ní kó lo bùráúsà míì, pàbó náà ni, ó wá ní kó yọ áàpù kóòdù yẹn kúrò lórí fóònù kó tún un gbé sí i, kọ́sítọ́mà ní òun ò ṣe (orí ló yọ ọ́, a máa débẹ̀). Ìgbà tó di ìlà 58 lẹnì kan tó béèrè pé aago mélòó ni fóònù yẹn ń sọ, àṣé ó ti fi ìṣẹ́jú 7 yá ju aago tó yẹ lọ. Wọ́n tún aago ṣe, wọ́n pa fóònù wọ́n tún tàn án, ó wọlé.

Ìsàlẹ̀ ló dáa kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kó máa gòkè lọ. Kó wá ibi tí "ó ti wọlé" wà, kó wá wo ohun tó yí padà ṣáájú ẹ̀. Níbí, nǹkan méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, aago àti pípa fóònù, ṣáàtì ò sì lè sọ èwo ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń kọ̀wé á mú fóònù tiẹ̀ àti àkáǹtì ìdánwò, á sún aago síwájú ní ìṣẹ́jú 7, kóòdù ò ní wọlé. Á dá aago padà láìpa fóònù rárá, ó wọlé. Ó ti yé wa báyìí pé aago ni, pípa fóònù ò kàn án, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìgbésẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́sítọ́mà ni kí wọ́n fi kọ ìṣòro, torí òun lẹlòmíì máa tẹ̀ tó bá ń wá a: "kóòdù áàpù ò wọlé, ó ń sọ pé Invalid code". Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní "ìyàtọ̀ aago nínú TOTP", ìyẹn orúkọ táwọn onímọ̀ ń pe irú kóòdù yìí, ta ló máa rí i? Orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì kọ́sítọ́mà ò gbọdọ̀ bá a wọ ibẹ̀.

Ohun tó fà á ò ju ìlà méjì mẹ́ta lọ. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà nínú fóònù àti aago ni áàpù fi ń ṣírò kóòdù, sáfà náà ń ṣírò tiẹ̀. Nínú RFC 6238, ìyẹn ìwé ìlànà irú kóòdù yìí tó jáde ní 2011, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni kóòdù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń lò, sáfà sì lè fàyè gba ìyàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú 7 ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ ibẹ̀ ò pọ̀. Lórí Áńdíróìdì, kí wọ́n wọ sẹ́tíńgì déètì àti aago, kí wọ́n tan "Set time automatically" (orúkọ ẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí fóònù míì). Lórí Aifóònù, ó wà ní Settings > General > Date & Time, "Set Automatically" ni kí wọ́n tàn. Kí wọ́n wo ibi tí fóònù gbà pé òun wà náà, ìyẹn "Time Zone", torí àwọn kan máa ń fọwọ́ yí aago títí tó fi jọ ti ara ògiri nígbà tí Time Zone ṣì wà níbòmíì, ojú á rí aago tó péye àmọ́ UTC, ìyẹn aago kan náà tí gbogbo ayé fi ń ṣírò, tí áàpù ń lò lábẹ́lẹ̀ á ti fi odidi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí wọ́n wá dúró de kóòdù tuntun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ̀ràn yíyọ áàpù kúrò ò gbọdọ̀ wọ ìgbésẹ̀, ìkìlọ̀ ló yẹ kó dà: tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ò bá ní ẹ̀dà níbòmíì, ó bá áàpù lọ nìyẹn.

Apá tó kẹ́yìn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi "ẹ kàn sí wa" parí, kò tó. Kí wọ́n sọ ọ́ pàtó: tí aago àti Time Zone bá péye tí kóòdù tuntun 2 tẹ̀léra ò wọlé, tí fóònù bá sọnù, tí áàpù bá ti kúrò lórí fóònù, tàbí tí àkáǹtì bá ti tì torí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí àkáǹtì. Kí wọ́n fi irú fóònù, aago tó ń sọ, àti ìgbà tí wọ́n tẹ kóòdù gbẹ̀yìn ránṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n má fi páásíwọ̀ọ̀dù tàbí àwòrán kóòdù QR tí wọ́n fi so áàpù mọ́ àkáǹtì sí i, torí kọ́kọ́rọ́ àṣírí gan-an ló wà nínú àwòrán yẹn.