Bí súgà inú ẹ̀bà ṣe ń kọjá lára sẹ́ẹ̀lì olópòó, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ àti sẹ́ẹ̀lì oníkúbù

Gbogbo ibi tí ara ti ní ojú, ì báà jẹ́ inú ìfun, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí inú kíndìnrín, sẹ́ẹ̀lì ló tò síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bíi táìsì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìtẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ẹpitẹ́líọ̀mù. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì gun orí sẹ́ẹ̀lì, bíi awọ ara tí ẹ̀ ń wò yìí, àmọ́ ti ìpele kan ṣoṣo la fẹ́ sọ níbí, ìyẹn ibi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti fẹsẹ̀ lé awọ ìpìlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ wọn láìsí ẹni tó gun ẹnì kejì. Oríṣi mẹ́ta ló wà: pẹlẹbẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní sìkùwémọ́ọ̀sì, oníkúbù, ìyẹn kúbọ́ídà, àti olópòó, ìyẹn kọ́lúmínà.

Wọ́n máa ń kọ́ èèyàn bíi pé kó kàn há orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà, tí ìdánwò bá sì parí, ó tán. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé súgà inú ẹ̀bà kan dípò ìyẹn, torí súgà yẹn á kọjá lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó délé, ẹ̀ẹ́ sì rí i pé gíga sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ẹwà rárá. Ibi tí nǹkan ti lè kọjá fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tín-ín-rín. Ibi tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ló máa fagbára gbé nǹkan, á ga, torí ẹ̀rọ tó fi ń gbé e nílò àyè.

Ẹ̀bà dé ìfun kékeré, àwọn ẹ́ńsáìmù ti fọ́ sítáàṣì inú ẹ̀ dé orí glúkóòsì, ìyẹn súgà tá à ń tẹ̀lé yìí. Ojú ìfun yẹn kò tẹ́jú o, ó yọ ìka kéékèèké jáde bí irun tówẹ́ẹ̀lì, ara àwọn ìka yẹn sì ni sẹ́ẹ̀lì olópòó tò sí. Ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, gíga rẹ̀ á tó máíkírómítà 20 sí 25 (tí wọ́n bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà 1000, ọ̀kan níbẹ̀ ni máíkírómítà). Núkílíọ̀sì rẹ̀, ìyẹn kókó inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí rẹ̀, gùn bí ẹyin tí wọ́n gbé dúró lóòró, ó sì wà nísàlẹ̀, nítòsí awọ ìpìlẹ̀, gbogbo wọn á wá tò ní ìlà kan náà téèyàn bá wò wọ́n lójú maikirosikópù. Lórí rẹ̀ lókè, níbi tó kọjú sí oúnjẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun kúkúrú ló yọ síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi máíkírómítà kan lọ, èyí ni wọ́n ń pè ní etí búrọ́ọ̀ṣì torí bó ṣe jọ búrọ́ọ̀ṣì gan-an nìyẹn.

Glúkóòsì kò lè dédé wọ inú sẹ́ẹ̀lì yìí. Ara búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni pùrótéènì kan wà tó máa gbé glúkóòsì pọ̀ mọ́ iyọ̀ sódíọ̀mù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tó ń fa sódíọ̀mù wọlé ni pé kò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ohun tí kò sì jẹ́ kó pọ̀ ni pọ́ńpù tó wà nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń tú u dànù tọ̀sán-tòru, pọ́ńpù yẹn sì ń jẹ agbára. Glúkóòsì á wá gba ẹnu ọ̀nà mìíràn nísàlẹ̀ jáde lọ sí ìhà ẹ̀jẹ̀. Òkè fún wíwọlé, ìsàlẹ̀ fún jíjáde, àárín fún ẹ̀rọ, ìdí tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ga nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó dà bí kọ́ọ̀bù wà láàárín wọn tó ń da ikun yíyọ̀ sójú ìfun kí oúnjẹ má baà bó o. Iṣẹ́ ibẹ̀ le débi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì olópòó yìí kì í lò ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ kí tuntun tó rọ́pò wọn.

Olópòó náà ló wà nínú ikùn, nínú ìfun ńlá àti nínú àpò òróòro. Inú ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé ọmọ náà, òun ni, àmọ́ àwọn kan lára tibẹ̀ ní irun gígùn tó ń mì, tó ń ti ẹyin síwájú.

Súgà ti jáde nísàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì olópòó báyìí, ó fẹ́ wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú ìka ìfun. Ara iṣan yẹn ni ẹ ti máa pàdé sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ti fọ́ ẹyin sínú páànù láìlù ú mọ bó ṣe rí: ó fẹ̀, ó tẹ́, àfi ibi tí pupa ẹyin ti wú sókè díẹ̀. Pupa yẹn ni núkílíọ̀sì. Tí wọ́n bá gé e ní ìdábùú, ohun téèyàn máa rí kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ tí kókó pẹlẹbẹ kan wà lórí ẹ̀, ó rọrùn láti wò ó kọjá kéèyàn sọ pé kò sí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ rárá. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ inú ẹ̀ kò pọ̀. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun, ihò wẹ́wẹ́ tún wà lára ẹ̀, súgà kàn ń gba ibẹ̀ wọlé láìsan owó kankan.

Ibi tí ẹ ti lè rí i pé títín-ín-rín yẹn ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín afẹ́fẹ́ tí a fà símú àti ẹ̀jẹ̀, ibi tó tín-ín-rín jù kò tó máíkírómítà kan, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀ o, ọ̀kan ti àpò afẹ́fẹ́, ọ̀kan ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ́síjìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó gbé e, á kàn là á kọjá. Àwọn pẹlẹbẹ yìí bo nǹkan bíi 95 nínú 100 ojú àpò afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè bí ara wọn. Àwọn oníkúbù díẹ̀ tó wà láàárín wọn ló ń bí arọ́pò fún wọn, tó tún ń ṣe omi bí ọṣẹ tí kì í jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ lẹ̀ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ yìí kan náà ló tẹ́ inú ọkàn, ó sì bo ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun níta kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn.

Ẹ̀jẹ̀ gbé súgà dé kíndìnrín. Kíndìnrín ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọ ibi àsẹ́, ìyẹn ìdì iṣan kékeré kan tó wà nínú àpò Bómánì (Wílíàmù Bómánì, ará Ìlú Ọba, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1842). Ògiri ìta àpò yẹn, pẹlẹbẹ ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba omi tó ń ro sílẹ̀. Omi tó ń ro yẹn tó lítà 180 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ìtọ̀ tó sì ń jáde kò ju lítà kan sí méjì. Súgà ńkọ́? Tí súgà ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 100 mg/dl, gíráàmù kan ló wà nínú lítà kan, ìyẹn gíráàmù 180 lójúmọ́. Ká ní kúbù súgà kan wúwo tó gíráàmù 4, kúbù 45 nìyẹn ń ṣàn lọ sínú ìtọ̀ lójoojúmọ́ tí kò bá sí ẹni tó máa kó o padà.

Sẹ́ẹ̀lì oníkúbù ló ń kó o padà. Tí wọ́n bá gé e, gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, núkílíọ̀sì rẹ̀ rogodo, ó sì wà láàárín. Èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ páìpù kíndìnrín tún ní búrọ́ọ̀ṣì lórí bíi ti ìfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kún fún maitokọ́ńdíríà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe agbára fún pọ́ńpù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi àti iyọ̀ ló ń kó padà, súgà ńkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ kù. Àmọ́ iye ọwọ́ tó ń gbé súgà níwọ̀n. Tí súgà ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 mg/dl, ọwọ́ ò ká a mọ́, èyí tó kù á bá ìtọ̀ lọ, á sì fa omi dání, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí eèrà sì ń bo ìtọ̀ rẹ̀.

Páìpù náà á sọ̀kalẹ̀, á dé ibi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tún jẹ́ pẹlẹbẹ, torí omi ló kàn ń yọ́ kọjá níbẹ̀, á tún padà di oníkúbù, àwọn páìpù ńlá tó ń kó ìtọ̀ jọ á wá máa ga díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n á fi di olópòó nítòsí ẹnu àbájáde. Oníkúbù tún wà nínú àwọn páìpù kékeré ibi tí itọ́ ẹnu ń gbà, ó bo ojú ilé ẹyin obìnrin, ó sì wà nínú ẹṣẹ́ táírọ́ìdì lọ́rùn. Ti táírọ́ìdì yẹn ya èèyàn lẹ́nu: tí iṣẹ́ bá dẹ̀ ó máa ń tẹ́, tí wọ́n bá fi họ́mọ́ọ̀nù lé e níṣẹ́ á ga dé olópòó.

Ọ̀kan wà tó máa ń tan àwọn tó ń kọ́ maikirosikópù. Tí ọ̀bẹ bá gé olópòó ní ìṣẹ́gbẹ̀ẹ́, núkílíọ̀sì rẹ̀ á hàn lórí ara wọn bíi pé ìpele mẹ́ta mẹ́rin ni. Ẹ má tètè kọ ìdáhùn. Ẹ wá ibi tí wọ́n gé lóòró gan-an, kẹ́ ẹ wo ìrísí núkílíọ̀sì, ṣé pẹlẹbẹ ni, ṣé rogodo, àbí ó gùn. Kódà nígbà tí ìlà láàárín sẹ́ẹ̀lì kò hàn, núkílíọ̀sì kì í sábà purọ́.

Iṣẹ́ àṣekára yìí náà ló ń kó oníkúbù kíndìnrín sí wàhálà, torí ohun tó bá wà nínú omi ló ń gbé wọlé, àti súgà àti májèlé. Lọ́dún 2008, wọ́n rí májèlé kan tó ń jẹ́ dáyẹtílíìnì gíláíkọ́ọ̀lù nínú oògùn eyín ọmọdé kan ní Nàìjíríà, ó sì pa ju ọgọ́rin ọmọ lọ. Ọ̀kan lára ohun tó hàn sójú àwọn ìyá ni pé ọmọ kò tọ̀ mọ́. Àwọn oníkúbù ti kú, wọ́n já bọ́ sínú páìpù, wọ́n dí i.

Tí ìpalára náà kò bá pọ̀ jù, tí awọ ìpìlẹ̀ kò sì tíì ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù á ju búrọ́ọ̀ṣì wọn nù, wọ́n á nà, wọ́n á di pẹlẹbẹ kí wọ́n lè bo ibi tó ṣófo, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ara wọn, tí wọ́n á máa ga padà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láàárín àkókò yẹn ìtọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi ẹ̀rọ, àwọn ẹbí á máa dúpẹ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ṣì máa wọn omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, torí páìpù ti là lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ni kò tíì ga tó láti kó iyọ̀ àti omi padà.