«Ẹ Má Jẹun Wá»: Kí Ni Ìkéde Àyẹ̀wò Ọ̀fẹ́ Ń Sọ Gan-an?

Nígbà tí ilé ìwòsàn wa ní Ìbàdàn kọ́kọ́ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àdúgbò, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán ìkéde: «Àyẹ̀wò bípíì àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Sátidé, aago 8 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán. Ẹni ogójì ọdún sókè. Ẹ má jẹun wá.» Mo rò pé kò sí ohun tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ló là mí lójú.

A gún un lórí ìka, ẹ̀rọ sì kọ 141 mg/dL. Mo bi í pé, «Màmá, ṣé ẹ ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yìí?» Ó ní, «Rárá o, ọmọ mi. Ẹ ṣáà ní ká má jẹun. Ògì gbígbóná nìkan ni mo mu kí n tó kúrò nílé.»

Màmá ò parọ́. Nínú èdè wa, à ń mu ògì ni, a kì í jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíì oní-mílíìkì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó mu wọ́n lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ò jẹun. Ṣùgbọ́n ara ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àgbàdo ni ògì, ara sì tètè ń sọ ọ́ di ṣúgà, ká tiẹ̀ má sọ ti ṣúgà tí wọ́n bù sí i.

Ohun tí àyẹ̀wò àìjẹun ń wá ni iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ò dá sí i mọ́. Ìyẹn gba ó kéré tán wákàtí 8 tí ohunkóhun ò gba ẹnu wọlé àfi omi lásán. Nígbà yẹn, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ínsúlíìnì sì ń kó o níjàánu. Bí ìjánu bá dára, iye rẹ̀ kì í tó 100. Láti 100 sí 125, ó ti ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ń fura sí àtọ̀gbẹ. Ìfura la pè é o. A ó fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan fún láàbù kí a tó sọ ọ́ di àìsàn, a sì sábà máa ń tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Nítorí náà, kí ni 141 ti Màmá túmọ̀ sí? Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé kò fẹnu kan nǹkan ni, à bá ti kọ lẹ́tà láàbù fún un. Ṣùgbọ́n wákàtí kan lẹ́yìn ògì, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní 141. Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé, omi nìkan ló mu, ẹ̀rọ sì kọ 94. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ ló dá jìnnìjìnnì tó bá a fún odidi ọjọ́ méjì sílẹ̀.

Àkókò tí a kọ náà ní àléébù. Ẹni tó jẹun alẹ́ ní aago 9, tó wá tò sórí ìlà títí di 12 ọ̀sán, ti lo wákàtí 15 láìjẹun. Òòyì lè kọ́ àgbàlagbà. Fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ewu gidi ni: ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀, kí ó máa làágùn, kí ó máa gbọ̀n, kí ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ la tilẹ̀ ń wá. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ní in ni irú àyẹ̀wò yìí wà fún. Ẹni tó ti mọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ ni kó lọ. Aláboyún náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀ níbi ìtọ́jú oyún.

Ti ogójì ọdún, ṣúgà nìkan ló kàn, nítorí sítíríìpù tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ò pọ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan sì ni ọ̀kan ń tó. Bípíì ò ná wa ní sítíríìpù, kò sì yẹ kí a fi lé ọ̀dọ́ padà. Kí ẹni náà ṣáà jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 ká tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe wá tún un kọ nìyí:

«Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, Sátidé, aago 7 sí 10 àárọ̀. Bípíì: ẹni ọdún 18 sókè. Ṣúgà: ẹni ọdún 40 sókè tí wọn ò tíì sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ. Aláboyún, ẹ lọ síbi ìtọ́jú oyún yín. Fún ti ṣúgà, láti aago 10 alẹ́ Jímọ̀, ẹ má jẹ, ẹ má mu: kò sí ògì, kò sí tíì, kò sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Omi lásán nìkan. Bí ẹ bá ti mu nǹkan, ẹ sọ fún wa kí a tó gún ìka yín. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání, kí ẹ jẹ ẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò.»