Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, owó òru mẹ́rin: báwo ló ṣe jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ aládìrẹ ni wá ní Abẹ́òkúta. A fẹ́ pe olùkọ́ méjì, ọ̀kan láti Òṣogbo, èkejì láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n wá kọ́ wa ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti aró èlú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì ní òru mẹ́rin làwọn máa sùn. Akápò wa ní ìrẹ́jẹ ni. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àwọn olùkọ́ yín jàre, àmọ́ akápò náà kò jẹ̀bi tán. Ọjọ́ iṣẹ́ ló ń kà. Àwọn àlejò ń ka ọ̀nà mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ yóò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ń ti Òṣogbo bọ̀ gbọ́dọ̀ ti dé lọ́jọ́ Ajé. Ìbàdàn ló máa gbà kọjá, yóò sì wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò jí ní ìdájí kí òun tó bọ́ sọ́nà, ẹ máa retí rẹ̀ títí oòrùn yóò fi ga, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ kan ìkòkò. Bí iṣẹ́ bá sì parí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tó lọ: òru Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin nìyẹn.

Ti Àjàṣẹ́ tún ní tiẹ̀ nínú. Ẹnubodè Ìdìrókò ni kó gbà, kó tibẹ̀ bọ́ sí Ọ̀tà, kó tó já sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn ẹnubodè pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS ni, nítorí náà kò nílò físà láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, àmọ́ kó mú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, kó sì gba òǹtẹ̀ ní ẹnubodè. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa dé àti ọjọ́ tó máa lọ, àdírẹ́sì ibi tó máa wọ̀ sí, àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù sínú lẹ́tà ìkésíni. Kó mú un dání. Ìwé yẹn máa ń gé àròyé kúrú lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí bí a ṣe lè dín owó náà kù?

Ìdáhùn: Ó wà, inú ètò ojúmọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ parí ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹni Òṣogbo lè bọ́ sọ́nà lọ́sàn-án, kó sùn sílé ara rẹ̀: òru mẹ́ta nìyẹn. Ẹni Àjàṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè lálẹ́, kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ká ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ni yàrá kan lóru: dípò ₦200,000, ₦175,000 lẹ máa san.

Ṣùgbọ́n ètò ọ̀hún kò ní ṣeé ṣe bí aró kò bá ti jinná kí wọ́n tó dé. Ibí yìí ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Èlú àti omi eérú máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan nínú ìkòkò kó tó ṣeé lò, ọjọ́ mẹ́ta kò lè gba ìyẹn. Kí olùkọ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ po aró sínú ìkòkò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti dára bí omi abẹ́ rẹ̀ bá ṣe bí àwọ̀ ewé tó ń pọ́n, tí ìfófòó dídán sì wà lórí rẹ̀. Ẹ ri okùn òwú bọ̀ ọ́: yóò jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ yóò sọ ọ́ di búlúù. Bí kò bá yí padà, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọkọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ro ẹ̀kọ làfún, kí ẹ sì parí ọnà yíyà kó tó di aago kan ọ̀sán, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì látòkèdélẹ̀ jẹ́ ti rírẹ: ẹ rì í, ẹ gbé e jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ẹ tún un rì. Bí aṣọ bá pẹ́ jù nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kọ á rọ̀, ọnà á bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ fọ ẹ̀kọ kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi irú èyí sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò kan ṣoṣo lọ́jọ́ kìíní, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ti wọ òru.

Owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú lẹ́tà. Kí akápò yín fi owó ọkọ̀ tí wọ́n máa fi padà sílé lé wọn lọ́wọ́ lálẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹni Òṣogbo má bàa dúró de owó nígbà tí ọkọ̀ ti ń kún.