Lọ́ńjì: bí ìgbésẹ̀ ṣe yẹ kí ó gùn tó fún orúnkún tí ń ráhùn lórí àtẹ̀gùn

Lọ́ńjì ni orúkọ ìdárayá kan tí ènìyàn ti ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí ó ń fi èkejì sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ó sì ń rọra tẹ orúnkún méjèèjì títí tí orúnkún ẹ̀yìn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ó tó dìde padà. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀dọ́bìnrin tí ìkánjú ń bá, tí ó kí àgbà láìjẹ́ kí orúnkún kanlẹ̀ tán, ti rí lọ́ńjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà tí wọ́n kí bẹ́ẹ̀ lè má gbà á ní ìkíni.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa gígùn ìgbésẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń dun ènìyàn lórí àtẹ̀gùn. Egungun pẹlẹbẹ kan wà níwájú orúnkún, tí ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ egungun itan. Nígbà tí orúnkún bá tẹ̀, tí iṣan iwájú itan sì ń fà kí ara má baà wó lulẹ̀, ìfà yẹn a máa tẹ egungun pẹlẹbẹ náà mọ́ egungun itan. Bí orúnkún bá ṣe tẹ̀ tó, tí iṣan sì ṣe fà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀mọ́ yìí ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó wà lókè ni ó ń gbé gbogbo ara. Orúnkún rẹ̀ yóò máa tẹ̀ síwájú, yóò kọjá ìka ẹsẹ̀, yóò sì máa dá ara dúró díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ kejì yóò fi kan àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun ilé ìṣọ́ Láyípo ní Òkè Àrẹ̀ nílùú Ìbàdàn lè rántí pé èémí ni ìgòkè gbà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n orúnkún ni ó dá ìsọ̀kalẹ̀ lóhùn.

Lọ́ńjì a máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó ní ohun kan tí àtẹ̀gùn kò ní: àwa fúnra wa ni a ń yan bí ìgbésẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Bí ìgbésẹ̀ bá kúrú, ojúgun iwájú yóò dagun síwájú, orúnkún yóò sì jìnnà sí ibi tí ìwúwo ara ń gbà wálẹ̀. Bí ó bá gùn, ojúgun yóò dúró ṣánṣán, ìdí àti ẹ̀yìn itan yóò sì gbà nínú ẹrù náà. Ẹ fi wé garawa omi tí a nà síwájú pẹ̀lú apá gbọọrọ àti èyí tí a gbé súnmọ́ ara: omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí èjìká rí nínú àkọ́kọ́ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ gígùn fi ń rọ orúnkún iwájú lọ́rùn ju ìgbésẹ̀ kúkúrú lọ.

Ìyá kan tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀, ti ń ṣe lọ́ńjì fúnra rẹ̀ kí ó tó wá sọ́dọ̀ mi, ó sì ń bá ìrora lọ sílé ní gbogbo ìgbà. Mo ní kí wọ́n ṣe é kí n wò. Láti gìgísẹ̀ iwájú dé ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àlàfo náà kò ju ẹsẹ̀ wọn kan àtààbọ̀ lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kan jẹ́ 24. Gìgísẹ̀ iwájú ń gbéra kúrò nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí í ṣe àmì tí ó dájú jù pé ìgbésẹ̀ ti kúrú jù. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà méjì sórí sìmẹ́ǹtì, a fi ẹsẹ̀ wọn kan èkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láti wọn àlàfo náà, ó sì di 72. Wọ́n di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n tẹ̀ dé ìdajì péré, ojúgun sì dúró ṣánṣán. Wọ́n ní ìrora tí ó ti ń jẹ́ 6 nínú 10 tẹ́lẹ̀ di 2.

Mo tún ní kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sójú ilà, kí ara máa lọ sísàlẹ̀ kí ó sì máa dìde, nítorí pé bí a bá ń gbé ẹsẹ̀ bọ́ síwájú tí a sì ń ti ara padà, ìbalẹ̀ àti ìtìpadà yẹn a máa dá ẹrù kún ti orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó tó. Ìrora tí kò ju 3 lọ, tí ó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ṣeé fara dà. Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ń sọ pé kí a mú ìgbésẹ̀ gùn sí i tàbí kí a dín títẹ̀ kù.

Gígùn náà ní òpin tirẹ̀. Bí ó bá ti kọjá agbára ènìyàn, iwájú itan ẹ̀yìn yóò máa fà, ìbàdí yóò tẹ̀ wọnú, ẹsẹ̀ iwájú yóò sì fẹ́ yọ̀, pàápàá lórí táìlì. Kí ọmọ kan nínú ilé fi fóònù ya ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n gíga orúnkún. Àwòrán yẹn ń fi dídúró ojúgun hàn ju bí ènìyàn ṣe lè fura sí i fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá náà bi mí pé, “Dókítà, wọ́n ní orúnkún kò gbọdọ̀ kọjá ìka ẹsẹ̀ láé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Mo ní kí wọ́n wo orúnkún ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kọjá lójoojúmọ́, kò sì sí bí a ṣe lè sọ̀kalẹ̀ dáadáa tí kò ní kọjá. Pé ó kọjá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹrù ni ó ń pọ̀ sí i, orúnkún tí ń ráhùn sì ní láti kọ́ ẹrù yẹn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo kà sí àṣìṣe ni kí orúnkún máa ṣubú sínú, sápá àtàǹpàkò, nígbà tí ara bá ń lọ sílẹ̀. Kí ó kọjú sí ìka ẹsẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni ó dára. Bí kò bá dúró síbẹ̀, kí a dín títẹ̀ kù kí a tó ronú kan gígùn.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ gígùn kì í ṣe ibi tí a ó tẹ̀dó sí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, bí ìrora kò bá kọjá 3, a ń fi sẹ̀ǹtímítà 6 dín àlàfo náà kù, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́rin ẹsẹ̀ wọn: 72 di 66, ó di 60, ó di 54, ó di 48. Nígbà tí a dé 42, ìrora gòkè di 5, orúnkún sì ṣì ń ro wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì padà sí 48.

Gbogbo èyí wà fún orúnkún tí ń ráhùn lórí àtẹ̀gùn tàbí lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́ nìkan. Èyí tí ó wú, tí ó gbóná pẹ̀lú ibà, tí ó ń há láìlè nà, tí ó ń yẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ní 48 ni ìyá náà ṣì wà báyìí. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láìdúró ní àárín àtẹ̀gùn, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ìdì aṣọ lé orí, wọ́n ṣì ń di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.