Flísì: ìdí tó fi ń mú ara móoru, tó ń gbọn irun, tó sì ń yọ́ lẹ́bàá iná

Orúkọ aṣọ yìí máa ń tan èèyàn. Irun ara àgùntàn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní flísì, ṣùgbọ́n kò sí irun àgùntàn kankan nínú aṣọ òtútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ bí ara ọmọ ológbò yìí. Ike ni. Poliẹ́sítà ni wọ́n fi ń ṣe é, ike kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi. Kódà, ìgò àlòkù tí wọ́n rún wẹ́wẹ́, tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì fà di okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní ìlú Lọ́rẹ́ǹsì, ní ìpínlẹ̀ Masaṣúsẹ́tì ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí tí a mọ̀ lónìí jáde ní 1979.

Wọ́n á kọ́kọ́ hun ún bí ẹni ń hun súwẹ́tà, ojóbó kéékèèké á sì yọ lójú aṣọ náà. Wọ́n á wá fà á kọjá lára rólà tó kún fún wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu wọn tẹ̀. Wáyà yìí á máa ha ojóbó náà, á máa já a, títí okùn náà á fi tú di irun. Lẹ́yìn èyí ni abẹ á gé irun náà kó lè dọ́gba. Híha yìí gan-an ni orísun dáadáa flísì àti wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ooru. Aṣọ kì í dá ooru fúnra rẹ̀; ooru ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń há mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá dúró sójú kan kì í tètè gbé ooru kọjá: omi ń gbé e kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e lọ. Irun flísì pọ̀, ó sì wẹ́, ó wá pín afẹ́fẹ́ sí àlàfo kéékèèké tí kò ti lè rìn. Poliẹ́sítà kì í sì í mumi: nínú afẹ́fẹ́ lásán, 100 gíráàmù rẹ̀ kì í gba ju nǹkan bí ìlàjì gíráàmù omi lọ, nígbà tí òwú lásán máa ń gba bíi 7 tàbí 8. Ìdí nìyẹn tí irun rẹ̀ kì í fi í lẹ̀ pọ̀ nígbà tí èèyàn bá làágùn.

Àmọ́ ẹ fi ẹnu kan flísì, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ó rí i pé èémí yín jáde lódìkejì. Bí atẹ́gùn ìta náà ṣe ń wọlé nìyẹn, á sì lé afẹ́fẹ́ gbígbóná náà jáde. Ẹni tó bá dúró de bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kìíní ọdún nílò jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá lórí rẹ̀.

Ní ti gbígbọn irun, ìgbà tí wáyà ń já ojóbó ló ti bẹ̀rẹ̀. Irun tí ẹnu rẹ̀ ti já, ìdí rẹ̀ nìkan ni ìhun dì mú. Bí aṣọ bá ń gbo ara wọn nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, èyí tí ìdí rẹ̀ kò dúró dáadáa á yọ, á bá omi lọ, kò sì ní jẹrà bọ̀rọ̀, torí ike ni. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń gbọn irun jù. Èyí tí kò yọ tán á lọ́ mọ́ra, á di kókó roboto lábẹ́ abíyá àti létí ọwọ́ aṣọ. Súwẹ́tà onírun àgùntàn náà ń ní kókó, ṣùgbọ́n irun yẹn máa ń já, kókó rẹ̀ á sì jábọ́. Poliẹ́sítà le, kì í já, kókó rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣa flísì òkìríkà, abẹ́ abíyá ni kó kọ́kọ́ wò. Láti dín in kù, ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ fi omi tí kò gbóná fọ̀ ọ́, kí ìfọ̀ má sì pẹ́.

Iná wá ni ọ̀tá rẹ̀ pátápátá. Poliẹ́sítà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 250 sí 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò tó 100 tó ti ń rọ̀. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n yí sí ojú òwú lè gbóná tó 200. Bí ẹ bá gbé e lé flísì, irun á rọ̀, á dùbúlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó rí ojú aṣọ tó ń dán, tó le bí ọ̀rá gbígbẹ, tó sì ya àwòrán ìdí áyọ́ọ̀nù. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè gbé irun yẹn dìde mọ́. Bí ẹ̀ta iná igi bá ta sí i lára, ihò roboto ló máa dá, etí ihò náà á sì le gbagidi.

Òwú máa ń jó di eérú, ṣùgbọ́n flísì máa ń sá fún iná, á sún kì, á yọ́, á sì máa kán. Ẹ̀kán yẹn gbóná gan-an, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, nítorí náà kí ẹni tó ń dáná má wọ̀ ọ́ súnmọ́ sítóòfù. Bó bá kán sí èèyàn lára, ẹ má ṣe fà á yọ, torí awọ máa bá a lọ. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn yọ èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn.