Ìpín epo: bí a ṣe ń mọ iye epo tó bọ́ sínú àwo ẹnì kọ̀ọ̀kan

Bí ẹ bá fi ìdajì ìgò epo pupa se ọbẹ̀ ata, tí èèyàn mẹ́jọ sì jẹ ẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni ká pín epo náà sọ́nà mẹ́jọ. Ìṣírò yẹn yá, àmọ́ kì í sábà bá ohun tó wà nínú àwo mu. Bàbá bu ṣíbí mẹ́ta, ọmọ kékeré ò bu ju ìdajì lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò bu epo tó léfòó, ẹni tó dé gbẹ̀yìn bá ata nísàlẹ̀. Ìpín epo tí à ń wá ni iye gíráàmù epo tó wà nínú iye ọbẹ̀ tí ẹnì kan bù gan-an.

Ohun tó jẹ́ kí ìṣírò náà ṣeé ṣe ni pé omi inú tàtàṣé, rodo àti tòmáàtì máa ń di oru, ṣùgbọ́n epo kì í bá a lọ. Bí ẹ ṣe ń dín ata, tó ń gbẹ, tí epo sì ń yọ sójú ọbẹ̀, omi nìkan ló ń dín kù. Epo tí ẹ dà sí i ṣì pé síbẹ̀, àfi ìwọ̀nba tó ta sára sítóòfù. Àwọn kan gbà pé epo ayamáṣe kì í pọ̀ nínú ara torí pé wọ́n ti gbé e kaná títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Àwọ̀ ló lọ o. Ọ̀rá inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìkòkò ọbẹ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Sùúrùlérè. Ohun èlò tó yẹ ká ní kò ju òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná lọ, èyí tó ń ka gíráàmù. Kí ìyàwó ilé tó gbé ìkòkò kaná, ó kọ́kọ́ wọn òfìfo rẹ̀: 1,300 gíráàmù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá ti gbàgbé, kò tíì bàjẹ́: ẹ kọ ìwọ̀n ìkòkò pẹ̀lú ọbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá wọn ìkòkò náà nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ló kan epo. Ó gbé ìgò epo tó rà ní ọjà Oyíngbò sórí òṣùwọ̀n, ó da epo sínú ìkòkò, ó sì tún gbé ìgò náà padà síbẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 340 gíráàmù. Ọ̀nà yìí dára ju kéèyàn máa fojú wo ìgò lọ, nítorí epo fúyẹ́ ju omi: lítà kan epo pupa kì í pé 1,000 gíráàmù, bíi 910 ni. Ẹni tó bá ka mílílítà, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gíráàmù, ti fi epo tí kò sí kún ìṣírò rẹ̀. Ìgò ọjà pàápàá kì í kún dọ́gba.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó sọ iná kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí epo gbára jọ sókè. Ó wá fi ṣíbí bu díẹ̀ kúrò lójú ọbẹ̀ sínú ife kan. Epo tí a bù báyìí máa ń ní ata àti omi nínú, torí náà kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó jẹ́ kó sílẹ̀ kó tòrò, ó rọra da epo tó mọ́ lórí sínú ife mìíràn tó ti wọ̀n, ó sì rí 90 gíráàmù. Ata àti omi tó ṣẹ́ kù sínú ife àkọ́kọ́, ó dà á padà sínú ọbẹ̀. Epo tó kù nínú ìkòkò di 250 gíráàmù.

Ó kó ẹran jáde, ó sì gbé ìkòkò sórí òṣùwọ̀n: 3,300 gíráàmù. Bí ó ti yọ ìwọ̀n òfìfo ìkòkò kúrò, ọbẹ̀ ku 2,000. Ìdí tó fi kó ẹran jáde ni pé ara ọbẹ̀ ni epo wà, ẹran kò sì dọ́gba: ẹnì kan lè mú ṣàkì méjì, kí ẹnì kejì mú ẹyọ kan. Nígbà tó fi 2,000 pín 250, ó rí i pé nínú 100 gíráàmù ọbẹ̀, epo tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12 àti ààbọ̀.

Ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ nílé náà ń gba 80 gíráàmù, epo gíráàmù 10 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bu ṣíbí méjì sórí ìrẹsì jẹ epo 20 gíráàmù, bíi ṣíbí ìjẹun kan àtààbọ̀. Gíráàmù epo kan ní kálórì 9, torí náà 180 kálórì wá láti inú epo nìkan. Bíi ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tí dókítà ní kí ọkọ ìyàwó ilé yìí dín kù: gíráàmù 10 nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ọ̀rá yìí má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 22. Ká ní ìyàwó ilé náà kò bu epo kúrò lójú ọbẹ̀ ni, ṣíbí méjì náà ì bá ní bíi 26 gíráàmù epo.

Gbogbo èyí dúró lórí ohun kan: kí a ro ọbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ká tó bù ú, ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ bù ú. Bí ẹ kò bá rò ó, tí epo sì kó ìdajì ṣíbí àkọ́kọ́, nǹkan bí 40 gíráàmù epo ni ẹ bù yẹn, iye tó wà nínú ṣíbí mẹ́rin tí a rò dáadáa. Ẹ óò mọ̀ lójú àwo: epo á sàn yí ìrẹsì ká kí ata tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì tún ní tirẹ̀. Bí ẹ bá bu omi díẹ̀ sí ọbẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé e kaná, epo inú ṣíbí kan á dín kù. Bó bá sì tún gbẹ lórí iná, á pọ̀ sí i. Epo tó wà nínú ìkòkò kò yí padà, ìwọ̀n ọbẹ̀ ló yí. Kí ẹ tún ìkòkò wọ̀n, kí ẹ sì yọ epo tó bá ọbẹ̀ tí ẹ ti jẹ lánàá lọ.

Iye yìí kò ka ọ̀rá ara ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò ka òróró tí ẹ fi dín ẹran kó tó wọ ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì kọjá ohun tí ọ̀nà yìí lè sọ tán, nítorí ẹ̀gúsí ní òróró tirẹ̀. Ní bùkátéríà, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ wọn ìkòkò òun. Ohun tí ẹ lè sọ fún màmá olóúnjẹ kò ju pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó kí ẹ tó bù ú."